Orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé ilé: kí ni kóòtù máa ń wò?

Àdùkẹ́_Kubwa

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Àbújá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti wá kàn mí báyìí.

Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ṣe ìgbéyàwó rẹ́jísírì ní 2009. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Ní 2012 a ra ilẹ̀ ní Kubwa ní ₦1,500,000. Mo fi ₦600,000 ránṣẹ́ láti bánkì mi sí àkáǹtì ọkọ mi, òun ló lọ san owó fún onílẹ̀, ìwé sì jáde ní orúkọ rẹ̀ nìkan. N kò bá a jiyàn. Ọkọ mi ni, kí ni mo fẹ́ máa bá a fà á sí?

Nígbà tí ilé dé orí òrùlé, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yá ₦1,200,000 nínú kóópù àwa olùkọ́, òun la fi ra páànù àti igi. Mo tún ń fún bíríkìlà lówó díẹ̀díẹ̀, ó tó ₦400,000 lápapọ̀, n kò gba rìsíìtì kankan. Owó ilé-ìwé àti oúnjẹ, ọrùn mi ló wà ní gbogbo ìgbà tí a fi ń kọ́lé. Àpapọ̀ ohun tí ilẹ̀ àti ilé gbà jẹ́ ₦9,500,000, òun náà ò jiyàn èyí. A kó wọlé ní 2017.

Báyìí ó ti lọ gba ilé síbòmíì, lọ́yà rẹ̀ sì ti kọ lẹ́tà pé kí n kó jáde. Ṣé lóòótọ́ ni pé n kò ní nǹkan kan níbẹ̀? Àbí ìdajì ni tèmi?

Táyé_Lugbe

Àǹtí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Ìdajì ni tiyín. Òfin Ọ̀ràn Ìgbéyàwó ti 1970 ló sọ ọ́, abala 72. Ohunkóhun tí tọkọtaya bá ní lẹ́yìn ìgbéyàwó, àwọn méjèèjì ló ni ín. Ẹ kàn lọ mú lọ́yà.

BàbáRuka_Kaduna

Táyé, rọra. Mo ti ń gbé Òkè Ọya láti ìgbà tí ilé oníbíríkì ṣì wọ́n ní Tudun Wada, mo sì ti bá àwọn ẹbí jókòó ní kóòtù ṣàríà ju ìgbà kan lọ. Kò sí ìdajì kankan níbẹ̀. Ohun tí obìnrin fi owó ara rẹ̀ rà, tirẹ̀ ni. Ohun tí ọkùnrin rà, tọkùnrin ni. Ìgbéyàwó kì í da dúkìá wọn pọ̀. Ọmọbìnrin wa, ta ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé? Òun ló ni ilé. Kó o gba owó ìdàgbére rẹ, kó o máa lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àdùkẹ́_Kubwa

Bàbá, ẹ ṣé o, àmọ́ Kìrìsìtẹ́nì ni wá, rẹ́jísírì la sì lọ. A kò so yìgì.

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó ló sì pọ̀ jù lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin méjèèjì mú apá kan òtítọ́, ẹ sì fi apá kan sílẹ̀. Táyé, abala 72 tí o dárúkọ wà lóòótọ́, àmọ́ kò sọ ìdajì níbì kankan. Ohun tó sọ ni pé bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá wà níwájú adájọ́, ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n ya dúkìá tí ọkọ tàbí ìyàwó ní ẹ̀tọ́ sí sọ́tọ̀ fún àǹfààní ìyàwó, ọkọ tàbí àwọn ọmọ, lọ́nà tó bá rí bí ẹ̀tọ́ àti òdodo lójú rẹ̀. Ọwọ́ adájọ́ ni òṣùwọ̀n wà. Ó lè fún ìyàwó ní apá kan ilé. Ó lè ní kí ìyàwó àti ọmọ máa gbé inú rẹ̀ títí àbíkẹ́yìn yóò fi dàgbà. Ó sì lè má fún un ní nǹkan kan.

Bàbá Ruka, ohun tí ẹ sọ bá ẹni tó so yìgì mu dáadáa. Òfin 1970 yẹn fúnra rẹ̀ yọ ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe nílànà Mùsùlùmí tàbí ti ìbílẹ̀ kúrò lábẹ́ abala 72. Àmọ́ rẹ́jísírì ni Àdùkẹ́ lọ, nítorí náà Ilé-ẹjọ́ Gíga Àbújá lè gba ẹjọ́ rẹ̀, abala náà sì ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó bá wọlé wá bá mi nìyí: irú ìgbéyàwó wo lẹ ṣe? Àìmọye ló máa ń ní ṣọ́ọ̀ṣì làwọn ti ṣe é, kí n tó wá rí i pé wòlíì kàn gbàdúrà lé wọn lórí lẹ́yìn ìdána ni, kò sí ìwé ẹ̀rí rẹ́jísírà, wọn kò sì fún ṣọ́ọ̀ṣì náà láṣẹ láti so ìgbéyàwó olófin. Nínú òfin, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe. Àdùkẹ́, wá ìwé ẹ̀rí 2009 yẹn jáde, kó o wò ó pé orúkọ rẹ, orúkọ ọkọ rẹ àti nọ́ńbà ìwé náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà lọ́yà: lẹ́tà ni, kì í ṣe àṣẹ kóòtù. Níwọ̀n ìgbà tí ìgbéyàwó yín ṣì wà, ìyàwó kì í ṣe àlejò nínú ilé tí òun àti ọkọ ń gbé. Má kó jáde nítorí lẹ́tà.

Táyé_Lugbe

Ìyá Lọ́yà, ẹ ṣé. Mo gbà pé kì í ṣe ìdajì. Àmọ́ ẹni tó kọ́lé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ló ti yẹ kó ní nǹkan. Kí ló tún kù?

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ẹ̀rí ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ní 1992 Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ kan tí àwa lọ́yà kì í gbàgbé, Amadi àti Nwosu. Ọkọ ta ilé, ìyàwó ní òun kò jáde nítorí pé òun náà lọ́wọ́ nínú kíkọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ ohun tó ṣe, kò lè ṣàlàyé bí ìrànlọ́wọ́ náà ṣe pọ̀ tó àti irú èyí tó jẹ́. Ó pàdánù, ẹni tó ra ilé ló borí. Láti ìgbà náà, ohun tí adájọ́ ń bèèrè kì í ṣe "ṣé o ràn án lọ́wọ́?" bí kò ṣe: èló ni, ìgbà wo ni, ọwọ́ ta ni o fún, kí ni wọ́n fi ṣe?

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti béèrè ohun kan náà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní: "Apá kan ilé yìí jẹ́ tèmi gan-an, owó mi ló wà nínú rẹ̀ bí orúkọ mi kò tiẹ̀ sí lórí ìwé." Ọ̀rọ̀ ohun-ìní nìyí, ẹni tó so yìgì pàápàá lè sọ ọ́ níwájú Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ọ̀nà kejì: "Bí ilé bá tilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀tọ́ ni kí ẹ yà lára rẹ̀ fún èmi àti àwọn ọmọ mi." Abala 72 nìyẹn, àwa tí a ṣe ìgbéyàwó olófin nìkan ló ni ín. Lọ́yà tó gbọ́n a béèrè méjèèjì nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ kan náà, bí èkíní bá wó, èkejì á dúró. Ìyà tó sì ń jẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n kàn béèrè ìkọ̀sílẹ̀ àti ọmọ, wọ́n gbàgbé ilé, wọ́n wá ń sáré kiri nígbà tí ẹjọ́ ti parí.

Alájọ_Karu

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí lára. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ kóòtù, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé mi kò ju gbólóhùn kan lọ: pé mo "kópa púpọ̀" nínú kíkọ́ ilé náà. Mo gun orí àpótí ẹlẹ́rìí, lọ́yà ọkọ mi bi mí pé èló. Mo ní ó pọ̀. Ó ní, "Màdámù, mélòó?" Mo ní n kò lè rántí. Ó ní ṣé àpò sìmẹ́ńtì mélòó, ìgbà wo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Adájọ́ ní kí n mu omi. Ẹkún kò ran ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ rárá.

Ohun tó gbà mí là nígbà tí a ṣàtúnṣe ìwé náà ni bíríkìlà. Ó ní ìwé kékeré onílà kan tó máa ń kọ nǹkan sí, ojú ìwé rẹ̀ ti le gan-an nítorí sìmẹ́ńtì tó kán sí i. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè Haúsá pé "Hajiya ta kawo" pẹ̀lú iye owó àti ọjọ́, ojú ìwé bíi mẹ́rin. (Kìrìsìtẹ́nì ni mí, àmọ́ gbogbo obìnrin tó bá mú owó wá, Hàjíyà ni lójú rẹ̀.) Wọ́n bi í léèrè títí, ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n yà nínú ilé fún mi. Kì í ṣe iye tí mo fẹ́, àmọ́ mi ò jáde lọ́wọ́ òfo.

Àdùkẹ́_Kubwa

Ha, bíríkìlà tiwa ti kó lọ sí Minna. Mo ní nọ́ńbà rẹ̀. Rìsíìtì páànù wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ orúkọ ọkọ mi ni oníṣòwò náà kọ sí i nítorí pé òun ló dúró níwájú rẹ̀.

ÌyáLọ́yà_Wuse

Má jẹ́ kí rìsíìtì yẹn kó ìbànújẹ́ bá ọ. Rìsíìtì sọ ẹni tó gba ọjà, kò sọ ibi tí owó ti wá. Ìwọ yóò so ó pọ̀ bí ẹni ń hun aṣọ: kóópù yín ní ìwé tó sọ ọjọ́ tí wọ́n fún ọ ní ₦1,200,000 àti ohun tí o sọ pé o fẹ́ fi ṣe, ìwé àkáǹtì rẹ sọ ọjọ́ tí owó wọlé àti ọjọ́ tó jáde, rìsíìtì sọ ọjọ́ tí páànù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tẹ̀lé ara wọn, adájọ́ yóò rí i. Kí o tún wá akọ̀wé kóópù tàbí alága rẹ̀ láti wá jẹ́rìí, kí o sì mú ìwé tó fi hàn pé owó oṣù rẹ ni wọ́n ti ń yọ gbèsè náà.

Ọ̀rọ̀ bánkì: lọ gba ìwé àkáǹtì tó ní òǹtẹ̀ bánkì láti 2012, má kàn tẹ̀ ẹ́ láti fóònù. Ohun tó bá sì jẹ́ ti fóònù, irú ọ̀rọ̀ Wátsáàpù tí ọkọ rẹ ti kọ pé "owó òrùlé ti wọlé, Ọlọ́run á san án fún ọ", Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, ló ń darí rẹ̀. Ìwé ìjẹ́rìísí gbọ́dọ̀ bá a lọ, tó ń sọ fóònù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Mo ti rí ẹ̀rí tó dára tí kóòtù dà nù nítorí ìwé kékeré yẹn kò sí. Má pa fóònù àtijọ́ rẹ tì, má sì tún ṣe é padà.

Táyé_Lugbe

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ nígbà náà. ₦600,000 àti ₦1,200,000 jẹ́ ₦1,800,000 nínú ₦9,500,000.

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ó dára. Bíi ìdá 19 nínú 100 nìyẹn. Bí bíríkìlà bá wá láti Minna, tó sì jẹ́rìí sí ₦400,000, ó di ₦2,200,000, bíi ìdá 23. Àdùkẹ́, èló ni ilé náà ń lọ báyìí?

Àdùkẹ́_Kubwa

Ẹni tó wá wò ó lọ́dún tó kọjá ní yóò tó ₦45,000,000.

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ìdá 19 jẹ́ nǹkan bíi ₦8,500,000. Ìdá 23 jẹ́ nǹkan bíi ₦10,400,000. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ṣoṣo láti Minna lè fi bíi ₦1,900,000 kún un. Ìdí tí mo fi ní kí o pè é lónìí nìyí, kó tó gbàgbé.

Àmọ́ ẹ má gba ìṣirò yìí bí ohun tí kóòtù gbọ́dọ̀ ṣe. Ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ibi tí a dúró ni. Ohun mìíràn ń tì í síwá-sẹ́yìn. Fún àpẹẹrẹ, ₦600,000 ilẹ̀ lágbára ju ₦1,200,000 òrùlé lọ lábẹ́ ọ̀nà kìíní tí mo sọ, nítorí pé ìgbà tí wọ́n ń ra ilẹ̀ ni o san án. Ẹni tó bá san owó ra nǹkan tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn sí, òfin máa ń rò pé ẹlòmíràn náà kàn ń bá a dì í mú ni, àyàfi bí ó bá hàn pé ẹ̀bùn ni. Owó tó wọlé lẹ́yìn náà láti kọ́ ilé lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti ẹlòmíràn, kóòtù á fẹ́ mọ ohun tí ẹ jọ sọ: ṣé ẹ fohùn ṣọ̀kan pé ilé yóò jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì, àbí ìrànlọ́wọ́ ìyàwó fún ọkọ ni? Wátsáàpù àtijọ́ yẹn ló máa ń dáhùn rẹ̀.

Ọkọ_Gwarinpa

Ẹ dákun, èmi ni mo wà ní òdìkejì. Èmi ni mo san gbogbo owó ilé tí a wà nínú rẹ̀, àmọ́ orúkọ ìyàwó mi ni mo fi sí i torí pé mo ń bẹ̀rù àwọn ẹbí mi. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ṣé mo ti pàdánù?

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ẹ̀gbọ́n, ti yín le díẹ̀ ju ti Àdùkẹ́ lọ. Bí ọkọ bá ra nǹkan sí orúkọ ìyàwó, òfin a kọ́kọ́ rò pé ẹ̀bùn ni. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: pé ẹ̀yin lẹ ń gba owó ayálégbé, ẹ̀yin lẹ ń san owó ilẹ̀ ọdọọdún, ìwé rẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ yín, àti pé ẹ ti sọ fún ẹnì kan nígbà náà ìdí tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ síwájú adájọ́ láti sọ pé torí àtisá fún ẹ̀tọ́ àwọn ẹbí ni ẹ fi pa orúkọ yín mọ́, ẹ mọ̀ pé adájọ́ lè máa fi ojú tí kò dára wò yín.

Jídé_Jos

Ọ̀rọ̀ yìí bá tèmi mu. Ẹ̀gbọ́n mi kú ní Jos, orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ilé, àwọn ẹbí ní kí ìyàwó rẹ̀ kó jáde. Ṣé ìṣirò ìdá 19 yẹn náà ni wọ́n máa lò?

BàbáRuka_Kaduna

Ọ̀rọ̀ ogún ẹni tó kú ni tìrẹ, Jídé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà láàyè là ń sọ níbí. Ṣí ojú ewé tìrẹ sọ́tọ̀, má dà á pọ̀ mọ́ ti ọmọbìnrin yìí.

Awọnlẹ̀_Nyanya

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ ti ilẹ̀, torí pé kí ẹ tó ja ìjà ìpín, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ń pín. Àdùkẹ́, ìwé wo ló wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ? Ní Àbújá, ọwọ́ Mínísítà ni ilẹ̀ wà, ìwé ẹ̀tọ́ tó dájú ni èyí tó ti AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ Àbújá, jáde. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Kubwa àtijọ́ ni ìwé rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Bwari. Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kan ẹjọ́ yín pẹ̀lú: Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ẹjọ́ ilẹ̀ tí ìwé rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Gómìnà tàbí Mínísítà jáde sọ́dọ̀ Ilé-ẹjọ́ Gíga, kóòtù àdúgbò kò lè dá a.

Lọ ṣe àyẹ̀wò ní AGIS. Ó ń gba owó, àmọ́ wàá mọ orúkọ tó wà níbẹ̀ lónìí, bóyá ó ti fi í yá owó ní bánkì, bóyá ó ti ń tà á. Tó bá jẹ́ Mararaba tàbí New Karu ni ilé náà wà, AGIS kò ní rí nǹkan kan, Nasarawa ni ibẹ̀, NAGIS ló ń tọ́jú ìwé wọn. Mo ti rí ẹni tó san owó àyẹ̀wò sí ibi tí kò yẹ.

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Awọnlẹ̀ dára. Kí n fi kún un: bí ẹ bá ti wọ kóòtù, kọ ìwé ìkìlọ̀ sí AGIS pé ilé náà wà lábẹ́ ẹjọ́, kí lọ́yà rẹ sì béèrè àṣẹ kóòtù tí yóò dá títà rẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ra ohun tó wà lábẹ́ ẹjọ́ ń ra ìjà mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó sàn kí ó má tà á ju kí o wá máa bá ẹni tó ti kó àga rẹ̀ wọlé jà. Ọkọ Amadi ti ta ilé tán kí ọ̀rọ̀ náà tó débi tí ó dé.

Alájọ_Karu

Ìyá, ẹ dákun, kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan ti oúnjẹ àti owó ilé-ìwé. Mo tọ́jú ilé fún ọdún mẹ́wàá, torí náà ni ọkọ mi ṣe lè fi owó oṣù rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù. Ṣé kò ka nǹkan kan ni?

ÌyáLọ́yà_Wuse

Ibí yìí ni àwa lọ́yà pàápàá ti máa ń bá ara wa jiyàn. Ní 1986 Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, nínú ẹjọ́ Kafi àti Kafi, gbà pé ìrànlọ́wọ́ ìyàwó fún ọkọ nínú òwò rẹ̀ tó ohun tí a lè wò, kì í ṣe owó tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kà nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn adájọ́ mìíràn le, wọ́n ní kí á fi nọ́ńbà hàn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mi ò jẹ́ kí ó dá dúró. Mo máa ń kọ ọ́ sí abẹ́ abala 72, níbi tí adájọ́ ti lè wo òdodo, pẹ̀lú rìsíìtì ilé-ìwé àti ìwé bánkì ní ọwọ́: ọdún wo, ọmọ wo, èló. Lẹ́yìn náà mo máa ń fi owó oṣù ọkọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó hàn pé bí kì í bá ṣe tìyàwó, owó rẹ̀ kò ní tó ohun tí ó fi kọ́lé. Ó máa ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú adájọ́ kan, kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú òmíràn.

BàbáRuka_Kaduna

Èmi ò fara mọ́ ọn tán. Bí gbogbo oúnjẹ tí ìyàwó bá sè bá di owó ilé, ọkọ náà á wá máa ṣírò omi tó pọn. Àmọ́ ti owó kóópù yẹn, ó dára kí wọ́n san án padà fún ọmọ yìí, ó kéré jù.

Táyé_Lugbe

Bàbá, kí ni ọkọ tó pọn omi ní Àbújá? Mẹ́ruwà ló ń ta á!

Alájọ_Karu

Ẹ fún Bàbá ní àyè, ìgbà ayé wọn ni wọ́n ń sọ.

Àdùkẹ́_Kubwa

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti bá bánkì sọ̀rọ̀, wọ́n ní àkáǹtì 2012 wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, kí n kọ lẹ́tà wá. Akọ̀wé kóópù wa ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ó ní òun á wá. Ìbéèrè kan ló kù: bí n kò bá tíì fẹ́ kí ó kọ̀ mí, tí mo kàn fẹ́ kí ó mọ̀ pé owó mi wà níbẹ̀, ṣé mo gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kí n tó béèrè?

ÌyáLọ́yà_Wuse

Rárá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1882 lórí ohun-ìní obìnrin tó ní ọkọ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ìhà wa níbí, Ilé-ẹjọ́ Gíga sì lè fi í yanjú ẹni tó ni nǹkan láàárín ọkọ àti ìyàwó láìsí ìkọ̀sílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé adájọ́ lè sọ ẹni tó ni ín nìkan, kò lè pín in fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ lára rẹ̀, bí abala 72 ṣe lè ṣe. Fún ọ, ọ̀nà kìíní nìkan nìyẹn, ilẹ̀ lo máa gbé lé lórí jù. Nítorí náà, wá sọ́dọ̀ lọ́yà kí o tó yan èyí tí wàá lò. Bí agbára kò bá sí, Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ìjọba àpapọ̀ àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà FIDA ní ọ́fíìsì ní Àbújá.

Kí o tún mú àwọn ohun tí mo sọ wá: ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, ìwé àkáǹtì tó ní òǹtẹ̀, ìwé kóópù, rìsíìtì páànù, orúkọ bíríkìlà. Kọ ọjọ́ àti iye sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ní ìlà kan ṣoṣo, bẹ̀rẹ̀ láti 2012.

Àdùkẹ́_Kubwa

Mo ń lọ pe ará Minna náà báyìí.